Ta Ló Ń Tẹ Ọ̀rọ̀ Yẹn Wá? Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Máa Yan Háṣítáàgì fún Iṣẹ́ Gèlè Wíwé Ní Ìbàdàn

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo gbé àwòrán ìyàwó kan tí mo kun ojú fún, tí mo sì wé gèlè aṣọ òkè fún, sórí Instagram. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ènìyàn tó lé ní 400 ti tẹ láìkì sí i. Mo ń tan fóònù mi wò, mo ń pa á, mo tún ń tàn án. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo yá ní agbègbè Challenge, níhìn-ín ní Ìbàdàn, pè mí láti rán mi létí pé owó ọdún tuntun ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo jókòó, mo ṣírò ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo wá rí i pé fún nǹkan bí oṣù méjì, kò sí ẹyọ oníbàárà kan tí n kò mọ̀ rí tó ti orí Instagram wá, tó sì sanwó. Àwọn tí ìyá mi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn oníbàárà àtijọ́ júwe ọ̀dọ̀ mi fún ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ wá. Láìkì 400 kò tíì ra ẹyọ àbẹ́là kan fún mi.

Àbúrò mi ọkùnrin wá kí mi ní ọjọ́ náà. Mo ṣàròyé fún un, mo sì fi àwòrán náà hàn án. Ó wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn wo ló tẹ láìkì yìí gan-an?” Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀. Ó ní kí á ṣí orúkọ wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

A ṣí 50 àkọ́kọ́. Ó gbà wá ní àkókò, ó sì jẹ dátà díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò kábàámọ̀ rẹ̀. Nínú 50 náà, 31 jẹ́ akẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́: àwọn tí ń kun ojú, tí wọ́n sì ń wé gèlè, láti Èkó, láti Àkúrẹ́, láti Accra, kódà láti Johannesburg. Àwọn 9 ń ta irun, ìpénpéjú àti àtíkè. Àwọn 4 jẹ́ ojúewé aláìlójú tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa bẹ ènìyàn pé kó tẹ̀lé wọn. Àwọn 4 mìíràn jẹ́ ẹbí wa. Àwọn 2 péré ló kù tí wọ́n dà bí ẹni tó lè wá wé gèlè lọ́jọ́ kan. Ọ̀kan ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Ìkejì ń gbé ní Òkè Àdó, ibi tí n óò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé.

Ohun tó kó àwọn ènìyàn wọ̀nyí jọ kò fara sin. Ohun tí mo kọ sí abẹ́ àwòrán náà nìyí:

```
#makeup #mua #beauty #love #bride
#gele #instagood #lagosmakeupartist
```

Orí ojúewé àwọn oníṣẹ́ tó lókìkí ni mo ti wo wọ́n kọ. Mo rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe gbòòrò tó ni ọjà ṣe máa tà tó.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí á rántí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá háṣítáàgì sílẹ̀. Ní oṣù Ògún ọdún 2007 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Chris Messina dábàá lórí Twitter pé kí àwọn ènìyàn máa fi àmì # ṣíwájú ọ̀rọ̀, kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí kókó kan náà lè rí ara wọn. Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ títí di òní. Bí mo bá kọ #bride sí abẹ́ àwòrán, mo ti gbé àwòrán náà sórí òkìtì kan tí gbogbo ayé ń da tiwọn sí. Ìbéèrè méjì ló kù: ta ló ń wá sídìí òkìtì yẹn, kí ló sì ń wá? Àwa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni a máa ń tẹ #makeup àti #mua, nítorí a fẹ́ mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń ṣe, a fẹ́ kọ́ àrà tuntun. Ìyàwó tó ní ìdána ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i ní Ìbàdàn kò lo #makeup láti wá ẹni tí yóò kun ojú òun. Bó bá tilẹ̀ lò ó, àwòrán mi yóò ti rì sábẹ́ àwòrán àìmọye kó tó débẹ̀.

Àbúrò mi tẹ #gele wò níwájú mi. Bí a ṣe ń rí gèlè ni a ń rí àwọn òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, aṣọ ìyeyè àti kẹ̀kẹ́ àwọn eléré ìje. Mo rò pé fóònù ló ń ṣe wèrè. Nígbà tó yá ni a rí i pé *gele* túmọ̀ sí àwọ̀ ìyeyè nínú èdè àwọn ará Netherlands. *Mua* pẹ̀lú, tí àwa kó jọ láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta fún oníṣẹ́ ojú kíkùn, ìtumọ̀ rẹ̀ nínú èdè Vietnam ni “rà”. Ọjà tí n kò mọ orí rẹ̀, tí n kò mọ ìdí rẹ̀, ni mo pàtẹ iṣẹ́ mi sí.

Ìṣòro yìí kan àwa ọmọ Yorùbá ju bí a ti rò lọ. Àmì ohùn ni a fi ń ya ọ̀rọ̀ wa sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá nǹkan lórí fóònù kì í fi àmì sí i. Wọ́n á tẹ *gele*, wọn kò ní tẹ gèlè. Nítorí náà, ó di dandan kí á kọ háṣítáàgì láìsí àmì, gẹ́gẹ́ bí oníbàárà yóò ṣe tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n gbàrà tí àmì bá ti kúrò, ọ̀rọ̀ wa lè di ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Orúkọ àdúgbò náà ní tirẹ̀. Challenge ni mo wà, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ #challenge, àárín àwọn tí ń jó ijó ìdíje àti àwọn tí ń da omi yìnyín lé ara wọn lórí ni n óò bọ́ sí. Sángo tó wà ní Ìbàdàn ńkọ́? Sángo mìíràn wà ní Ọ̀tà, òrìṣà tó ń jẹ́ Ṣàngó náà sì ní àwọn olùfọkànsìn rẹ̀ ní Brazil àti Cuba tí wọ́n ń gbé àwòrán sórí ẹ̀rọ. Ohun tó ń yọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí á so orúkọ ìlú mọ́ ọn. #gele lásán jẹ́ ti gbogbo ayé. #Geleibadan kò lè jẹ́ ti ará Netherlands.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti #lagosmakeupartist, nítorí òun ló dùn mí jù. Mo mọ̀ dájúdájú pé Ìbàdàn ni mo wà nígbà tí mo kọ ọ́. Mo kàn rò pé owó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Èkó. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, nítorí arábìnrin kan pè mí láti Lẹ́kì, ó fẹ́ kí n wá wé gèlè fún ìyá òun ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí n dé ní agogo márùn-ún ìdájí. Ojú tì mí láti sọ pé Ìbàdàn ni mo wà, mo sì ti dá iye owó tí mo máa ń gbà fún un. Mo lọ sùn sí Èkó lálẹ́ Fúráìdé. Nígbà tí mo yọ owó ọkọ̀, owó ibi tí mo sùn àti owó ọkọ̀ tó gbé mi dé Lẹ́kì lójú òru, ohun tó kù kò tó owó gèlè kan ṣoṣo níbí. Mo sì ti dá oníbàárà mi kan ní Mókólá padà ní ọjọ́ Sátidé kan náà. Ẹni tí ń ta ọjà tó ṣeé dì sínú páálí lè máa pe gbogbo ayé. Àwa tí a gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara wa kan orí oníbàárà, ibi tí ọwọ́ wa lè dé láàárọ̀ Sátidé ni ọjà wa parí sí.

Lẹ́yìn èyí, mo ṣe àṣìṣe kejì, tó jẹ́ òdìkejì ti àkọ́kọ́. Mo ní bó bá jẹ́ pé ohun tó ṣe tààrà ló dára, n óò ṣe é tààrà dé góńgó. Mo dá #challengeibadangeleartist sílẹ̀. Mo tún dá èyí tó jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀, mo sì fi sábẹ́ gbogbo àwòrán. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè tẹ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ pé ó wà. Háṣítáàgì orúkọ ṣọ́ọ̀bù kò burú fún ẹni tó fẹ́ kí oníbàárà rí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lójú kan, ṣùgbọ́n kò lè mú àlejò wọlé.

Nítorí náà, mo dẹ́kun ríronú nípa ìtóbi tàbí ìkéré ọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú rẹ̀. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń ṣí ibi ìṣàwárí lórí Instagram, mo máa ń tẹ ìdajì ọ̀rọ̀, bíi *ibadanmak* tàbí *geleib*, kí n lè rí àwọn tí áàpù náà fúnra rẹ̀ yóò gbé síwájú mi. Àwọn wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń lò tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa ń wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń wo àwòrán bíi mẹ́sàn-án tàbí méjìlá tó wà lókè pátápátá.

Mo máa ń wò bóyá irú iṣẹ́ tèmi ni wọ́n. Bó bá jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ àti òdòdó ló wà níbẹ̀, mo jáde. Mo máa ń wo ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn síbẹ̀. Bí èyí tó tuntun jù bá ti lé ní ọdún kan, ọjà náà ti tú. Mo máa ń wo ìlú tí àwọn tó ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ibi tí mo máa ń pẹ́ sí jù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ wọn. Lábẹ́ àwòrán inú #makeup, ohun tí a óò rí ni iná, ọkàn pupa àti “Iṣẹ́ ńlá, ọ̀gá mi!” Ẹlẹgbẹ́ ló ń kí ẹlẹgbẹ́. Lábẹ́ àwọn àwòrán kan nínú #ibadanmakeupartist, mo rí “Ẹ jọ̀ọ́, èló ni?”, “Ibo lẹ wà ní Ìbàdàn?”, “Ṣé ẹ máa ń wá sílé?” Oníbàárà ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Bí mo bá rí ìbéèrè owó àti ìbéèrè ibùdó méjì tàbí mẹ́ta lábẹ́ àwọn àwòrán òkè, mo ti rí òkìtì tí mo fẹ́ dà sí. Bí òkìtì náà kò bá tóbi, ìyẹn kò bà mí lẹ́rù, nítorí àwòrán mi yóò pẹ́ lórí rẹ̀.

Iye háṣítáàgì tó yẹ kí á lò ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Instagram gba 30 lábẹ́ àwòrán kan, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ka ìyẹn sí àṣẹ pé kí á kún un. Ní ọdún 2021, ojúewé tí Instagram fúnra wọn fi ń bá àwọn tí ń gbé iṣẹ́ sórí rẹ̀ sọ̀rọ̀ dá a lámọ̀ràn pé kí wọ́n máa lo 3 sí 5. Adam Mosseri tó jẹ́ olórí Instagram sì ti sọ ọ́ lójútáyé pé háṣítáàgì kì í mú kí àwòrán dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ju bó ti yẹ lọ. Ó tún ku ọ̀kan: tẹ́lẹ̀, ènìyàn lè tẹ̀ lé háṣítáàgì kan gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tẹ̀ lé ènìyàn, kí àwọn àwòrán rẹ̀ máa wá bá a fúnra wọn. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, wọ́n mú èyí kúrò. Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo èyí ni pé háṣítáàgì kì í gbé ọjà kiri mọ́ bíi ti àtijọ́; ó ń sọ fún ẹ̀rọ náà ohun tí àwòrán jẹ́, kí ẹni tó bá ń wá irú rẹ̀ lè bá a pàdé. Nítorí náà, márùn-ún ni mo ń lò báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú àwòrán kan láti fi ṣàlàyé. Ìyàwó kan ṣe ìdána ní gbọ̀ngàn kan ní Ring Road. Ojú rẹ̀ ni mo kùn, gèlè aṣọ òkè aláwọ̀ ọsàn ni mo sì wé fún un. Ohun tí mo kọ sábẹ́ àwòrán náà nìyí, bí ẹ bá fi orúkọ tí mo hùmọ̀ yìí rọ́pò orúkọ tọkọtaya náà:

```
#yorubabride #ibadanbride #ibadanmakeupartist
#geleibadan #Tolu4Tade
```

Èyí àkọ́kọ́ ló gbòòrò jù. Àwọn ìyàwó láti ilẹ̀ Yorùbá títí dé London àti Houston ń wo ibẹ̀ láti yan àrà tí wọ́n fẹ́. N kò retí kí ẹni tó wà ní Houston pè mí, ṣùgbọ́n ìyàwó tó ń gbé lókè òkun tó sì fẹ́ ṣe ìdána ní Ìbàdàn lọ́dún Kérésì ń wo ibẹ̀ pẹ̀lú, àwọn bẹ́ẹ̀ kì í sì í ní ẹni tí yóò júwe oníṣẹ́ fún wọn nílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Èkejì dá lé ayẹyẹ àti ìlú. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin dá lé iṣẹ́ àti ìlú, nítorí ìyàwó lè wá ẹni tí yóò kun ojú òun, ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó, tí kì í fẹ́ kí ojú òun pọ̀ jù, gèlè nìkan ló máa ń wá.

Ẹ̀karùn-ún ni mo fẹ́ràn jù, èmi fúnra mi kò sì tètè rí i. Àwọn tọkọtaya òde òní máa ń dá háṣítáàgì ìgbéyàwó tiwọn sílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sára ìwé ìpè, wọ́n á tún kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Bí a bá fi ìtóbi wò ó, kò sí ọ̀rọ̀ tó kéré tó o. Àwòrán inú rẹ̀ lè má pé 60. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ náà: àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó, àwọn tó wọ aṣọ ẹbí, àwọn àbúrò ọkọ. Wọ́n wà ní ìlú kan náà, wọ́n ti fi ojú ara wọn rí bí gèlè náà ṣe dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní ọjọ́ orí tí ìgbéyàwó tiwọn ń bọ̀ lọ́nà. Háṣítáàgì orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi àti ti tọkọtaya yìí kéré bákan náà. Àwọn ènìyàn ní ìdí láti tẹ tiwọn, wọn kò ní ìdí láti tẹ tèmi.

Ó ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ o. Mo máa ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyàwó kí n tó gbé ojú rẹ̀ jáde, mo sì máa ń bi í léèrè lọ́tọ̀ bóyá mo lè lo háṣítáàgì wọn. Àwọn kan fẹ́ kí ó jẹ́ ti ẹbí nìkan. Mo sì máa ń dúró kí tọkọtaya ti gbé àwòrán tiwọn jáde kí n tó gbé tèmi. Ìyàwó kan bínú sí mi nígbà kan nítorí pé ojúewé mi ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ rí i, ó sì jàre.

Nítorí pé àwòrán yàtọ̀ síra, n kò lè máa da àwọn márùn-ún kan náà sábẹ́ gbogbo wọn. Mo ti fi ìgbà kan tọ́jú wọn sínú fóònù, mo ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ohun gbogbo. Bí mo ṣe kọ #ibadanbride sábẹ́ àwòrán ìyá àgbà ẹni àádọ́rin ọdún tó ń ṣe ọjọ́ ìbí nìyẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Àǹtí onígèlè, ta ni ẹ fẹ́ fi Màmá fún?” Fún irú Màmá bẹ́ẹ̀, mo máa ń yọ ti ìyàwó kúrò, mo máa ń fi ti ọjọ́ ìbí àti ti ìlú rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn bá ń gba oyè, orúkọ ayẹyẹ wọn ni mo máa ń wá nínú ibi ìṣàwárí, nítorí ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ni yóò fi wúlò.

Mo ra ìwé kékeré kan ní Dùgbẹ̀. Gbogbo ẹni tuntun tó bá pè ni mo ń bi pé, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí wa?” Bó bá ní Instagram, mo tún máa ń béèrè ohun tó tẹ̀ kó tó rí mi. Ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí mo fi lo àwọn ọ̀rọ̀ gbígbòòrò, àlejò mẹ́ta ló béèrè owó, èyí tó sanwó nínú wọn ni ará Lẹ́kì yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó tẹ̀ lé àyípadà yìí, àlejò 11 ló béèrè, 4 sì sanwó. Méjì nínú 4 náà jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó tó rí mi nínú háṣítáàgì tọkọtaya. Láìkì mi wálẹ̀ gan-an. Àwòrán tó ní 70 ni mo ń kà sí ohun ńlá báyìí. Ó kọ́kọ́ dùn mí, n kò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má gbà pé háṣítáàgì nìkan ló ṣe é. Ní àkókò kan náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ “gèlè wíwé ní Ìbàdàn” ní gbólóhùn kedere sábẹ́ àwòrán, tí mo ń yan Ibadan níbi tí wọ́n ti ń béèrè ibùdó, tí mo sì fi orúkọ ìlú kún orúkọ ojúewé mi. N kò lè ya iṣẹ́ ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Iye 4 nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kéré ju ohun tí a lè fi dá òfin sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àkókò ayẹyẹ ló bá mi níbẹ̀. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ mi ṣì ń wá láti ẹnu àwọn ìyá tí wọ́n jókòó ti ara wọn nínú gbọ̀ngàn. Mo tún rí i pé ẹnìkan nínú ilé iṣẹ́ wa kékeré, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, fi ojúewé rẹ̀ sí ìpamọ́ kí ẹni tí kò bá tẹ̀ lé e má lè rí i. Ó ti ń kọ háṣítáàgì fún oṣù mẹ́rin láìmọ̀ pé àwòrán ojúewé tó wà ní ìpamọ́ kì í hàn fún gbogbo ènìyàn lábẹ́ háṣítáàgì rárá.

Mo san owó ṣọ́ọ̀bù náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn tí mo ti bẹ onílé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, nọ́ńbà kan tí n kò mọ̀ pè mí. Ohùn obìnrin ni. Ó ní, “Ẹ káàsán mà. Ẹ̀yin lẹ wé gèlè fún ọ̀rẹ́ mi ní Ring Road, àbí? Òkè Àdó ni mo ń gbé.” Mo ṣí fóònù kejì, mo wo orúkọ rẹ̀ dáadáa. Òun kan náà ni èmi àti àbúrò mi rí nínú 50 ọjọ́ kìíní. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi pè mí láti ìgbà yẹn. Ó ní, “Mo rò pé Èkó lẹ wà, mà. Mo rí i lábẹ́ àwòrán yín.”